Báwo ni mo ṣe lè gé ọ̀rọ̀ orí síláìdì kúrú kí ìtumọ̀ rẹ̀ má yí padà?

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé yìí. Èmi ni mo máa dá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé lẹ́kọ̀ọ́ ní agbègbè wa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, Yorùbá la sì fẹ́ fi ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn onígbọ̀wọ́ ètò náà fi tẹ́ńpíléètì PowerPoint tiwọn ránṣẹ́, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má yí i padà. Àwòrán ti gba apá kan síláìdì. Nínú àyè tó kù, kókó mẹ́rin péré ló gbọ́dọ̀ wà, ìlà méjì fún kókó kan. Ìwọ̀n lẹ́tà kò gbọdọ̀ kéré sí 24, kókó kan kò sì gbọdọ̀ ju lẹ́tà 90 lọ. Síláìdì 12 ni gbogbo rẹ̀, kò sí ààyè fún ìkẹtàlá.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìwé tí wọ́n ní kí n kó ọ̀rọ̀ jáde látinú rẹ̀ gùn jọjọ. Ẹ wo ọ̀kan lórí ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé:

*"Ó ṣe pàtàkì púpọ̀ kí àwọn òbí mọ̀ pé ọmọ tí ó bá ti pé oṣù mẹ́fà tàbí tí ó ti lé ní oṣù mẹ́fà, tí ó sì ń ya ìgbẹ́ gbuuru, gbọ́dọ̀ máa lo odindi hóró síǹkì kan ní ojoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá sí ọjọ́ mẹ́rìnlá, kódà bí ìgbẹ́ náà bá ti dáwọ́ dúró kí ọjọ́ wọ̀nyí tó pé."*

Ẹnìkan ní ọ́fíìsì bá mi gé e. Ohun tó kọ nìyí: *"Ẹ fún ọmọ ní síǹkì títí ìgbẹ́ yóò fi dá."* Ó kúrú lóòótọ́, ó sì wọ inú àpótí. Ṣùgbọ́n òdìkejì ohun tí ìwé sọ ló sọ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ọgbọ́n wo lẹ fi ń gé irú ọ̀rọ̀ báyìí?

---

Kúnlé Ẹ̀rọ

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Èyí ò le rárá. Ẹ tẹ àpótí ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú apá ọ̀tún máòsì, ẹ yan `Format Shape`, ẹ lọ sí `Text Options`, ẹ wá `Text Box` níbẹ̀, kí ẹ wá yan `Shrink text on overflow`. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni lẹ́tà á máa kéré sí i fúnra rẹ̀. Ohun gbogbo á wọ̀ ọ́.

Bí kò bá sì tíì tó, ẹ yọ gbogbo àmì orí ọ̀rọ̀ kúrò. Àmì yẹn ń gba àyè púpọ̀, kálukú ló sì lè kà á láìsí i.

---

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

O ṣé, àbúrò. Mo rí ibẹ̀. Ṣùgbọ́n `Do not Autofit` ni wọ́n yàn sínú tẹ́ńpíléètì náà látilẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ pé ìwọ̀n 24 ni ìsàlẹ̀ pátápátá. Ìdí wọn sì yé mi. Yàrá tá a máa lò gùn, àwọn ìyá àgbà tó máa jókòó sẹ́yìn ò sì ní rí ìwọ̀n 14 kà. Ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ dín kù, kì í ṣe ìwọ̀n lẹ́tà.

---

Ìyá Tóyìn

Àdùkẹ́ mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Èmi náà ti ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rí. Ẹ má sọ̀rọ̀ ju ogún ìṣẹ́jú lọ kí ẹ tó fún wọn láyè láti nà ara wọn, kí ẹ sì máa bi wọ́n ní ìbéèrè. Bí ọ̀rọ̀ bá gùn jù, oorun á gbé wọn lọ.

---

Olóòtú Àná

Ìyá Tóyìn, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára síláìdì ló ń bi wá léèrè, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

Àdùkẹ́, mo ti pẹ́ nídìí tábìlì olóòtú ìwé ìròyìn Yorùbá kí n tó fẹ̀yìn tì. Bí àkọlé ò bá wọ àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, kò sẹ́ni tó máa bá ọ fẹ ojú ìwé. Ìwọ lo máa gé ọ̀rọ̀. Ọ̀nà tá a fi ń ṣe é nìyí, mo sì máa fi síǹkì rẹ yẹn ṣe àpẹẹrẹ.

Má tíì gé ohunkóhun. Kọ́kọ́ fa ìlà sábẹ́ àwọn ohun tó jẹ́ pé bí wọ́n bá sọnù, ẹni tó kà á máa ṣe nǹkan mìíràn. Èmi máa ń wá márùn-ún: ta ni ọ̀rọ̀ kàn, kí ni kó ṣe, mélòó, ìgbà wo, àti àfi bí báwo. Nínú ọ̀rọ̀ tìrẹ, ẹni tó kàn ni ọmọ oṣù mẹ́fà sókè. Ohun tí wọ́n á ṣe ni fífún un ní síǹkì. Iye rẹ̀ ni odindi hóró kan lójúmọ́. Ìgbà ni ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá. Èyí tó kẹ́yìn ni pé kí wọ́n má dá a dúró bí ìgbẹ́ bá dá. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ẹni tó bá ọ gé e jù nù, nítorí pé ìparí ọ̀rọ̀ ló wà, ó sì jọ àfikún lásán lójú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: ìparí gbólóhùn Yorùbá la máa ń kó àwọn "àyàfi", "kódà" àti "kí ó tó" sí, ìparí náà sì ni ọwọ́ ẹni tó ń gé ọ̀rọ̀ máa ń kọ́kọ́ lọ.

Wàyí o, kí ni ò nílà lábẹ́? "Ó ṣe pàtàkì púpọ̀ kí àwọn òbí mọ̀ pé." Bí kò bá ṣe pàtàkì, kò ní sí lórí síláìdì. Yọ ọ́. "Ti pé oṣù mẹ́fà tàbí tí ó ti lé ní oṣù mẹ́fà" ni "oṣù 6 sókè". "Tí ó sì ń ya ìgbẹ́ gbuuru" lè gòkè lọ sínú àkọlé síláìdì, bí gbogbo kókó mẹ́rin tó wà níbẹ̀ bá jẹ́ ti ìgbẹ́ gbuuru. Ṣùgbọ́n bí o bá ṣe bẹ́ẹ̀, o ò gbọdọ̀ gbé kókó yẹn lọ sórí síláìdì míì mọ́ láìdá ọ̀rọ̀ yẹn padà sínú rẹ̀, torí ara àkọlé ló ń gbé.

Lẹ́yìn náà, kó ọ̀rọ̀ pọ̀ bí ẹnu ṣe ń kó o pọ̀. "Tí ó" di "tó", "ní ojoojúmọ́" di "lójúmọ́", "sí inú" di "sínú". Ìwọ̀nyí ò mú ìtumọ̀ kankan lọ. Àfi kó o ṣọ́ra níbi tí wọ́n bá pàdé ara wọn: "omi tí ó tó lítà kan" máa di "omi tó tó lítà kan", òǹkàwé á sì kọsẹ̀ níbẹ̀. Nírú ibẹ̀, kọ "omi lítà kan" kó o kọjá.

Ohun tí mo rí nìyí:

*"Ọmọ oṣù 6 sókè: hóró síǹkì 1 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10–14, bí ìgbẹ́ bá tilẹ̀ ti dá."*

Lẹ́tà 73 ni, àyè àárín ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Ohun márààrún tí mo fa ìlà sí lábẹ́ ló ṣì wà níbẹ̀.

Kúnlé ọmọ mi, àmì orí ọ̀rọ̀ kì í gba àyè ní ìbú. Orí lẹ́tà ló jókòó sí. Yọ wọ́n kúrò nínú gbólóhùn kan kó o wò ó, ìlà náà ò ní kúrú. Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ni pé bí àlàfo ìlà bá há jù, àmì ìlà ìsàlẹ̀ á máa kan ẹsẹ̀ lẹ́tà ìlà òkè. Ìyẹn ọ̀tọ̀.

---

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀! Ó ti yé mi dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá mi wo ti ọmú. Ìwé ní:

*"Láàrin oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ tí wọ́n bí ọmọ sí ayé, a rọ àwọn ìyá láti rí i dájú pé ọmú ìyá nìkan ni ọmọ ń mu, láìfi omi, àgbo, tàbí oúnjẹ mìíràn kankan kún un, àyàfi oògùn tí òṣìṣẹ́ ìlera bá ní kí wọ́n fún un."*

Ẹni kan náà yẹn gé e sí: *"Ẹ fún ọmọ lọ́mú fún oṣù 6 nìkan."*

---

Olóòtú Àná

Háà! "Nìkan" ti ṣí kúrò níbùgbé rẹ̀. Nínú ìwé, ọmú ló tẹ̀ lé: ọmú nìkan, kò sí nǹkan míì. Nínú èyí tó gé, oṣù ló lọ tẹ̀ lé: oṣù mẹ́fà nìkan, lẹ́yìn náà kí wọ́n já ọmú lẹ́nu ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí ọmọ máa mu ọmú lọ títí á fi pé ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n wulẹ̀ fi oúnjẹ kún un láti oṣù mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ míì sọnù níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ipò ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí tó yí ló jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ dojú rú. Bí "nìkan", "pàápàá" tàbí "péré" bá wà nínú ọ̀rọ̀ tó o fẹ́ gé, kọ́kọ́ wo ohun tó tẹ̀ lé, kó o sì so wọ́n pọ̀ kó o tó fọwọ́ kan ìyókù.

Èmi á kọ ọ́ báyìí: *"Oṣù 6 àkọ́kọ́: ọmú nìkan."* Ó parí. "Nìkan" ti lé omi àti àgbo jáde.

---

Apòògùn Abúlé

Bàbá, ẹ máa bínú, ibí yìí ni mo ti fẹ́ yà díẹ̀. Ẹnu ìṣirò ni "nìkan" ti lé omi jáde. Lójú ọ̀pọ̀ ìyá tí mo ń rí ní ilé oògùn, omi kì í ṣe oúnjẹ, àgbo kì í sì í ṣe oúnjẹ. Ẹ bi wọ́n pé "Ṣé ọmú nìkan lẹ ń fún un?" Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wá bi wọ́n bóyá ọmọ ń mu omi, wọ́n á ní omi ló ń mu bí oòrùn bá mú. Nítorí náà, omi àti àgbo kì í ṣe àpẹẹrẹ tá a lè gé níbẹ̀. Àwọn gan-an ni iṣẹ́ tá a rán síláìdì. "Oúnjẹ mìíràn kankan" lẹ lè yọ.

Àyàfi ẹ̀yìn yẹn náà ò ṣe é yọ. Síláìdì ìgbẹ́ gbuuru ṣì ń bọ̀, ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà tó bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru náà máa gba ORS, ìyẹn oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ìgbẹ́ gbuuru, ó sì máa gba síǹkì. Bí síláìdì àkọ́kọ́ bá sọ pé ọmú nìkan, tí kò sí àyàfi, òṣìṣẹ́ tó ń gbọ́rọ̀ yẹn lè rò pé kò yẹ kó fún ọmọ ní ORS. Kókó tí wọ́n gé lórí síláìdì kan lè máa bá kókó orí síláìdì kejì jà láìsẹ́ni tó rí i, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan la máa ń gé wọn.

*"Oṣù 6 àkọ́kọ́: ọmú nìkan. Kò sí omi, kò sí àgbo. Àyàfi oògùn tí òṣìṣẹ́ ìlera bá fún un."*

Lẹ́tà 84 nìyẹn. Ó wọ inú 90.

---

Olóòtú Àná

Mo gbà fún ọ, apòògùn. Tìrẹ ló dáa jù níbẹ̀. Èmi ò mọ̀ pé omi ni wàhálà wọn.

---

Ọmọ Àgbẹ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí n yọjú síbí. Tèmi kì í ṣe ti ìlera, iṣẹ́ àṣekágbá yunifásítì ni, ṣùgbọ́n tẹ́ńpíléètì tiwọn náà há bákan náà. Mo lo ìgbẹ́ adìẹ fún àgbàdo, oko kan ṣoṣo, àsìkò òjò kan ṣoṣo. Nínú ìwé mi mo kọ pé ó jọ pé ìgbẹ́ adìẹ mú kí àgbàdo so sí i ní oko náà. Nígbà tí mo fẹ́ kó o sínú síláìdì, ó di "Ìgbẹ́ adìẹ ń mú àgbàdo so sí i." Olùkọ́ mi ní kí n tún un kọ. Kí ni mo ṣe tó burú níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ kan náà ni lójú tèmi.

---

Olóòtú Àná

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà, ọmọ mi. "Ó jọ pé" ti lọ, "ní oko náà" ti lọ, "mú" sì ti di "ń mú". Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní oko kan ti di òfin tó ń ṣẹ ní gbogbo oko. Kọ "Oko kan, òjò kan: ó jọ pé ìgbẹ́ adìẹ mú àgbàdo so sí i." Ó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò ṣèlérí ju ohun tó o rí lọ.

---

Apòògùn Abúlé

Irú èyí náà wà nínú ti aláboyún, Àdùkẹ́, mo sì mọ̀ pé ó máa wà nínú ìwé rẹ. SP, oògùn tí aláboyún ń lò kí ibà má baà mú un. Ó dájú pé ìwé máa sọ pé kó gbà á ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, láti ìgbà tí oyún bá ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá, kí àlàfo láàrin ìkan sí èkejì má sì dín ní oṣù kan. Mo ti rí i lára ògiri níbì kan tí wọ́n gé e sí "Aláboyún: SP lẹ́ẹ̀mẹ́ta, oṣooṣù."

Ó kà dùn-ún-dùn, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀. "Ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹ́ta" ti di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta gééré. Ẹni tó bá ti gba ìkẹta ní oṣù kẹfà á rò pé òun ti parí, bẹ́ẹ̀ ó ṣì lè gba ìkẹrin. "Kò gbọdọ̀ dín ní oṣù kan" ti di oṣooṣù, ẹni tó bá sì pẹ́ dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà á rò pé ìgbà ti kọjá lórí òun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá ò tiẹ̀ sí níbẹ̀ mọ́, ẹni tí oyún rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù méjì lè lọ gbà á, kò sì yẹ bẹ́ẹ̀.

*"SP: ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, láti ọ̀sẹ̀ 13 oyún, àlàfo kò gbọdọ̀ dín ní oṣù 1."*

"Ó kéré tán", "kò gbọdọ̀ ju", "kò gbọdọ̀ dín", "lè" àti "gbọ́dọ̀": mo máa ń fi pẹ́ńsù pupa yí wọn ká kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọ̀rọ̀ oògùn èyíkéyìí.

---

Kúnlé Ẹ̀rọ

Bàbá, mo ti dán an wò. Òótọ́ lẹ sọ, ìlà náà ò kúrú rárá lẹ́yìn tí mo yọ àmì. Ẹ ṣeun.

Ṣùgbọ́n mo rí ibi tí àmì ti ń fa wàhálà fún ẹni tó ní òté lẹ́tà 90. Bí ẹ bá fi Excel ka lẹ́tà, `LEN` máa ń ka àmì orí "ẹ́" àti "ọ̀" mọ́ lẹ́tà, nítorí pé kò sí "ẹ́" tó jẹ́ ẹyọ kan nínú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà àti àmì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀. Bí bọ́tìnnì tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ bá sì yàtọ̀, ó lè ka ìsàlẹ̀ "ọ" náà lọ́tọ̀. Gbólóhùn tó wọ àyè gan-an lè hàn bí ẹni tó ti kọjá òté. Mo kọ èyí, ó ń yọ àmì òkè méjèèjì àti àmì ìsàlẹ̀ kó tó kà á:

```
=LEN(SUBSTITUTE(SUBSTITUTE(SUBSTITUTE(A2,UNICHAR(768),""),UNICHAR(769),""),UNICHAR(803),""))
```

Ẹ kó kókó kọ̀ọ̀kan sínú ìlà A láti A2 lọ sísàlẹ̀, kí ẹ fi èyí sí B2, kí ẹ sì fà á lọ sísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú A ò ní yí padà, kíkà nìkan ló ń kà á.

---

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Kúnlé, Ọlọ́run á bù kún ọ. Kókó mẹ́ta tí mo ti gé sí méjì nítorí pé mo rò pé wọ́n ti kọjá 90 ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé wọ́n wọlé. Mo ti dá àwọn ọ̀rọ̀ tí mo yọ padà.

---

Ìyá Tóyìn

Ẹ máa bínú pé mo ṣi ìbéèrè gbọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo ti wá ka gbogbo rẹ̀ láti òkè wá. Mo fi kókó síǹkì tí Bàbá kọ ránṣẹ́ sí àbúrò mi lórí Wásáàpù. Òun náà ń tọ́mọ lọ́wọ́, kò sì mọ nǹkankan nípa ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò ṣàlàyé kankan. Mo kàn bi í pé, "Bí ọmọ rẹ bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, kí lo máa ṣe, ìgbà wo lo sì máa bẹ̀rẹ̀?"

Ẹ wo èsì rẹ̀: "Mo máa dúró kí ìgbẹ́ dá, kí n tó fún un ní síǹkì."

Ó ka "bí ìgbẹ́ bá tilẹ̀ ti dá" sí "nígbà tí ìgbẹ́ bá ti dá". "Tilẹ̀" yẹn kéré jù, ojú rẹ̀ fò ó.

---

Olóòtú Àná

Ìyá Tóyìn, o káre! Mi ò bá má ronú kan ìyẹn láé. Mo mọ ohun tí mo ní lọ́kàn nígbà tí mo kọ ọ́, nítorí náà ojú mi kà á bí ọkàn mi ṣe fẹ́. Ó dáa kí ẹni tí kò rí èyí tó gùn rí ka èyí tó kúrú, kó sì sọ ohun tó máa ṣe. Kì í ṣe pé kó sọ bóyá ó yé e, torí gbogbo èèyàn ló máa ní ó yé òun.

Ẹ jẹ́ ká fi ohun tí ẹnu wa ń sọ rọ́pò rẹ̀:

*"Ọmọ oṣù 6 sókè: hóró síǹkì 1 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10–14. Ìgbẹ́ dá o, kò dá o, ẹ lò ó tán."*

Lẹ́tà 82. Ó gùn díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì yẹ kó gùn. Fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, kì í ṣe àbúrò rẹ mọ́, nítorí òun ti mọ ìdáhùn.

---

Ìyá Tóyìn

Mo fi ránṣẹ́ sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní: "Màá fún un lójoojúmọ́ títí ọjọ́ á fi pé, bí ara rẹ̀ bá tiẹ̀ yá." Ó gbà á.

Ṣùgbọ́n mo ṣì ní ìbéèrè kan. Kí ló dé tí a ò fi lè kó ọ̀rọ̀ tó kù sínú àkọsílẹ̀ abẹ́ síláìdì, níbi tí wọ́n kọ `Click to add notes` sí? Kí síláìdì má ní ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́ta lọ, kí olùkọ́ máa ka ìyókù fún wọn. Bó ṣe yẹ kó rí lójú mi nìyẹn.

---

Apòògùn Abúlé

Ibi tí ó bá ti jẹ́ pé olùkọ́ nìkan ló máa lò ó, mo gbà. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ abúlé máa ń fi fóònù ya àwòrán síláìdì, àwòrán yẹn ni wọ́n sì máa ń wò nílé aláìsàn. Àkọsílẹ̀ abẹ́ síláìdì kì í sí nínú àwòrán. Ìdí nìyí tí mo fi ń fẹ́ kí iye oògùn àti àyàfi rẹ̀ wà lójú síláìdì gan-an. Àlàyé ìdí tí síǹkì fi ṣe é lò, ìyẹn lè lọ sí abẹ́.

---

Ìyá Tóyìn

Mo gbọ́ ti ẹ. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ka gbólóhùn mẹ́rin lójú kan náà, etí rẹ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ olùkọ́. Mi ò tíì gbà tán.

---

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo ibi tí mo dé. Àkọlé síláìdì ni "Bí ọmọ bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru". Kókó mẹ́rin abẹ́ rẹ̀ nìyí:

• Àpò ORS 1 sínú omi mímọ́ lítà 1. Ẹ da èyí tó bá kù nù lẹ́yìn wákàtí 24.
• Ọmọ oṣù 6 sókè: hóró síǹkì 1 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10–14. Ìgbẹ́ dá o, kò dá o, ẹ lò ó tán.
• Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6: ìdajì hóró síǹkì lójúmọ́ fún ọjọ́ 10–14. Òun náà, ẹ lò ó tán.
• Ẹ má dá ọmú dúró. Ọmọ tó ti ń jẹun, ẹ má dá oúnjẹ rẹ̀ dúró.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ pa kókó kejì àti ìkẹta pọ̀ sí ọ̀kan, kí n lè rí àyè fún nǹkan míì. "Síǹkì: odindi tàbí ìdajì hóró, bí ọjọ́ orí bá ṣe rí." Mo rí i pé ẹni tó kà á ò ní mọ ẹni tó ni odindi, ẹni tó ni ìdajì. Mo fi wọ́n sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

---

Apòògùn Abúlé

Wọ́n dáa. Méjì péré ni mo ní. Àkọ́kọ́, hóró síǹkì tí ìwé yín ń sọ, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó jẹ́ 20 mg kí ìdajì rẹ̀ tó lè jẹ́ 10 mg. Wo páálí tí wọ́n máa pín fún yín. Bí tiwọn bá jẹ́ 10 mg, "hóró 1" àti "ìdajì hóró" ti yí padà nìyẹn. Kọ 20 mg sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àyè ṣì wà.

Èkejì, "omi lítà 1" yẹn. Àpò ORS tó pọ̀ jù lọ lọ́jà wa jẹ́ ti lítà kan, ṣùgbọ́n àpò kékeré wà tí wọ́n ṣe fún omi tí kò tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá pò ó mọ́ omi tó pọ̀ jù, kò ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Èmi ì bá kọ "iye omi tó wà lára àpò".

---

Olóòtú Àná

Dúró ná, apòògùn. Kí ni ìwé wọn kọ? Bí ìwé bá kọ lítà kan, ẹni tó ń gé ọ̀rọ̀ ò láṣẹ láti yí i sí nǹkan míì, bó ti wù kó mọ̀ tó. Kó kọ̀wé sí àwọn tó ni ìwé, kí àwọn fúnra wọn yí i padà. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀rọ̀ ṣe lábẹ́ ọ̀rọ̀ gígé, lọ́jọ́ kan síláìdì àti ìwé ò ní bára mu mọ́, a ò sì ní mọ ẹni tó yí i.

---

Apòògùn Abúlé

Bàbá, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí wọn ò bá dáhùn kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó pé ńkọ́?

---

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Lítà kan ni ìwé kọ. Mo ti fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí wọn báyìí, pẹ̀lú ti 20 mg náà. Mo tún ní kí wọ́n sọ irú àpò ORS tí wọ́n máa kó wá fún mi. Bí wọn ò bá dáhùn, màá fi kókó náà sílẹ̀ bí ìwé ṣe kọ ọ́, màá sì mú àpò kan lọ́wọ́ lọ síwájú wọn, kí àwọn fúnra wọn ka ohun tó wà lára rẹ̀ kí n tó ṣí síláìdì yẹn.